Ọwọ́ Ìyá Ayọ̀mídé

Bí ẹ bá wo fíìmù wa, Àbíkẹ́, gbajúmọ̀ òṣèré, lẹ ó máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ò ní rí Ìyá Ayọ̀mídé, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe ìlàjì eré náà. Èmi Silas ni mo pa ojú rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Yàrá kan ṣoṣo ní Ọ̀bà-Ilé ni mo ti ń ṣe é, èmi àti kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ò tíì parí tí ẹsẹ̀ Àbíkẹ́ fi kán. Ó buwọ́ lu ìwé pé ká fi kọ̀ǹpútà gbé ojú òun lé ojú ẹlòmíràn. Akíntóyè, olùdarí wa, wá ẹni tí gíga àti ìrìn rẹ̀ jọ ti Àbíkẹ́, ó sì rí opó kan nílùú Oǹdó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Oyèbọ́lá lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ayọ̀mídé ló fẹ́ ká máa pe òun. Ayọ̀mídé nìkan ló bí, Kánádà ló wà, ọjọ́ Kérésì nìkan ló sì máa ń pè é.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kìlọ̀ fún un: "Mọ́mì, ẹ bọ́ dígí ojú yín, ẹ fi gèlè di irun yín dáadáa, ẹ má sì gbọ́wọ́ sójú."

"Kí ló dé?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó bo ojú yàtọ̀ sí ojú fúnra rẹ̀. Á kun ojú Àbíkẹ́ lé e lórí ni. Àfi kí n fọwọ́ ara mi fàlà yí nǹkan náà ká, kí n yọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí tiyín lè hàn."

"Ìyẹn ni pé ohun tó bá bo ojú mi ló máa jẹ́ tèmi?"

"Ara yín náà á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti Àbíkẹ́ ni wọ́n máa pè é."

Ẹyin lohùn, èmi ọlọ́gbọ́n ò sì fura.

Ó ṣe bí mo ṣe wí, tán-án-tán. Akẹtẹ̀ tó dé lóko, Akíntóyè ló ní kó dé e. Mo dá ojú Àbíkẹ́ dúró lábẹ́ etí akẹtẹ̀, mo sì fi òjìji rẹ̀ síwájú orí. Lọ́jọ́ kan tó gbàgbé dígí sójú, ìlàjì férémù rẹ̀ yọ́ mọ́ imú. Irun tó já bọ́ létí rẹ̀ gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ mi, torí ẹ̀gbẹ́ irun kì í dá gbọnrangandan, díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa ṣá.

Ibi tó kẹ́yìn ni wàhálà wà. Ìyá inú eré jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọmọ tí kò bọ̀. Lójijì ni Ìyá Ayọ̀mídé gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó kọ ẹ̀yìn ọwọ́ sí kámẹ́rà, ó sì fà á kọjá lójú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Inú bí mi. Akíntóyè ní kí n gé ibẹ̀ dànù, mo sì ti fẹ́ gé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ìyá Ayọ̀mídé ni, láti Oǹdó, òógùn bò ó; ó ti gbọ́ lẹ́nu Akíntóyè pé a fẹ́ gé e. Mo fi hàn án: ìka rẹ̀ yọ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbíkẹ́ bí ọṣẹ inú omi. Kò bá mi jiyàn. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì mi. Àpá iná ń dán láti ọrùn ọwọ́ dé ìka tó kéré jù.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Ayọ̀mídé nígbà tí ìkòkò omi gbígbóná yí lórí sítóòfù. Ọwọ́ yìí ni mo fi gbà á. Ó mọ̀ ọ́n, Silas. Bó bá rí i, á pè mí."

Mo bẹ Akíntóyè kó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n àwòrán márùndínlọ́gọ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fàlà yí ọwọ́ yẹn ká, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ kí orí ìka rọ̀ níbi tó ti ń yára, mo sì fi òjìji ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbíkẹ́. Mi ò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan ti ìyá mi kó tó kú.

Fíìmù jáde, Ìyá Ayọ̀mídé fi í ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Èmi náà ń yẹ fóònù wò bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ pè. Lọ́jọ́ kẹrin, mo pè é.

"Ó ti fèsì," ló wí, ó sì kà á fún mi: "'Mọ́mì, ó dùn gan-an. Àbíkẹ́ mà mọ eré ṣe o. Ibi tó ti fọwọ́ nujú yẹn, mo sunkún.'"

"Ẹ ò sọ fún un pé ẹ̀yin ni?"

"Rárá." Ó wá bi mí: "Silas, ìwọ ńkọ́? Bóo bá rí ọwọ́ mi níbòmíràn, ṣé wàá mọ̀ ọ́n?"

"Láàárín ẹgbẹ̀rún ọwọ́, Mọ́mì."

Kò pa fóònù rẹ̀, èmi náà ò sì pa tèmi.