Adjara Tó Ń Wọn Òrùlé Òkèèrè

Bí o bá dé Goro lọ́sàn-án gangan, tí o béèrè Adjara ọmọ Issiaka, ẹni tí o bi yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Lẹ́yìn náà yóò nàka sí igi kajú ńlá tó wà lórí gegele lẹ́yìn agboolé. "Ó wà ní byúrò," ni yóò wí.

Byúrò ọ̀hún, ìyẹn ọ́fíìsì rẹ̀, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Àga kan ló wà níbẹ̀, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Adjara fi ìdajì ìborí bò kí eruku ọyẹ́ má baà wọ inú rẹ̀. Abẹ́ igi yẹn nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láàárín agboolé, ńṣe ló máa ń yọjú tí á tún padà, bí àlejò tó ń bẹ̀rù pé wọn á ní kó jẹun.

Adjara kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àwòrán ilẹ̀ ní yunifásítì Parakou. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó gbé e wálé, ìyá rẹ̀ tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú aṣọ ọdún, ó parí. Iṣẹ́ kò yọjú. Ó ń bá baba rẹ̀ kọ ebè iṣu, ó ń ṣa kajú, títí ẹnìkan tí wọ́n jọ kàwé fi júwe ibìkan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ará òkèèrè ti ń wá òṣìṣẹ́ tí kò ní láti kúrò nílé rẹ̀. Ó dán an wò. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíkì dán òun náà wò, wọ́n sì gbà á.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Wọ́n á fi àwòrán àdúgbò ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run. Adjara á fa ìlà yí etí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká, á wọ̀n ọ́n, á sàmì sí ibi tí ihò èéfín wà àti ibi tí òjìji igi ń bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbé pánẹ́ẹ̀lì tó ń fa iná látara oòrùn sórí ilé náà á ti mọ iye tó lè gbà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àkàsọ̀ jáde.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí àwòrán náà, ó gbàgbé láti mí. Òpópónà tí kò tẹ̀ rí, ilé àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí! Ó rí aṣọ tí wọ́n sá. Ó rí adágún omi aláwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìnkùlé ẹnìkan. Ó rí òjìji ènìyàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó gùn gbọọrọ lórí koríko, kó sì tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti là: "Ẹ kú ilé o. Òrùlé yín ni mo ń wọ̀n, ẹ má bínú."

Latifath ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ránṣọ nítòsí, gbọ́. Ó fi ẹ̀rín wó lulẹ̀.

"Adjara! Ìwọ tí àkàsọ̀ abà ń bà lẹ́rù, o wá di ẹni tó ń rìn lórí ilé òyìnbó!"

"Ẹsẹ̀ mi ò ṣáà kan nǹkan."

"Kí wọ́n má fi òkò sọ ọ́ sọ̀kalẹ̀ ṣá."

Ẹ̀rín Latifath kò ní oró nínú. Ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn ló ní. Ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí, bí ọmọdé bá ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ẹnu sì ń kùn pé owó ilẹ̀ òkèèrè ń bọ̀ wá bá a, orúkọ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ fún un: gáímàn, àwọn tó ń fi irọ́ lu òyìnbó ní jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò pe Adjara bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀. Baba rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Baba Issiaka kì í pariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Adjara, mi ò sọ pé olè ni ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń sọ ọ́ pọ̀ ju ẹnu mi lọ. Nígbà tí wọ́n bá sanwó fún ọ, fi ọ̀nà tó gbà wá hàn mí, láti orísun rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ. Bí o kò bá lè fi hàn mí, a ó gbé ẹ̀rọ yìí lọ tà ní Tchaourou, wàá sì padà sídìí kajú."

"Baba, ẹ ó rí i."

Ó fọkàn balẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ṣí àkáǹtì fún un lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n fún un ní nọ́ńbà irú èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, kí Madame Griet, ọ̀gá rẹ̀, lè sanwó síbẹ̀ bí ẹni ń sanwó fún aládùúgbò. Níbẹ̀ ni Adjara yóò ti darí owó náà sí báńkì nílé. Ní òpin oṣù, ó fi fàtúrà, ìwé tó ń béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ránṣẹ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, owó yúrò náà wọlé wẹ́rẹ́. Kò dún, kò rùn. Adjara dìde, ó yí igi kajú po, ó tún padà wá wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ibi tó ti wá ṣe àṣìṣe nìyí. Nínú ẹbí wọn, owó tó bá ti wúwo, ọ̀dọ̀ Tonton Djamal ló ń lọ. Àbúrò baba rẹ̀ ni, òun nìkan ló ní àkáǹtì ní báńkì ní Parakou. Owó kajú gbogbo ilé ń gba ibẹ̀, owó ìyàwó ń gba ibẹ̀, kọ́bọ̀ ẹnìkan kò sì sọnù rí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó náà béèrè ibi tí owó yóò lọ, Adjara kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ àkáǹtì Tonton.

Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ni àkáǹtì yẹn kì í ṣe òun. Wọ́n dá owó náà dúró, wọ́n ní kó ṣàlàyé, kó sì mú àkáǹtì tó jẹ́ tirẹ̀ wá.

Adjara tún ìkìlọ̀ náà kà. Kí ni yóò wí fún baba? Pé owó dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbá a mú? Ta ló ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní sọ pé, ẹ ò rí i? Èyí tó tún le ni pé bí ọmọ bá lọ ṣí àkáǹtì tirẹ̀, bí ẹni pé ó fa owó yọ lọ́wọ́ àgbà ni. Àbùkù ni.

Ó rò ó títí, ó wá lọ sọ òtítọ́ fún baba rẹ̀ àti Tonton lẹ́ẹ̀kan náà.

Tonton Djamal fò dìde. "Èmi? Wọ́n kọ èmi? Ṣé àkáǹtì mi ń rùn ni?"

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n kọ̀…"

"Gbogbo kajú Goro ló ti gba ibẹ̀ kọjá! Kajú kò kọ mí, òyìnbó wá kọ mí!"

Baba Issiaka kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí owó náà ti ń wá ná," ló wí.

Wọ́n gun gegele náà. Adjara ṣí àwòrán kan tí kò tíì parí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ ojú mọ́ ọn. Ó fa ìlà yí òrùlé kan ká, nọ́ńbà rẹ̀ sì yọ: bó ṣe gùn, bó ṣe fẹ̀.

"Ilé ta nìyí?" Baba béèrè.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Baba."

"O ò mọ̀ wọ́n, o sì mọ gígùn òrùlé wọn." Ó nàka sí òrùlé náà. "Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lo sàmì sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ gúúsù ni. Oòrùn ibẹ̀ kì í gun orí wọn, Baba. Látọdún dé ọdún, ìhà gúúsù ló máa ń wà lọ́sàn-án."

"Kì í gun orí wọn? Kò dúró sí àtàrí wọn rí?"

"Rárá o."

Baba Issiaka gbójú sókè láàárín ewé kajú. Oòrùn tó ti ń lù ú lórí láti ìgbà èwe, tó rò pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo ayé! Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. "Allahu Akbar," ló wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ti wà níbẹ̀ ni Madame Griet pè láti béèrè òrùlé kan. Ojú rẹ̀ kún inú kọ̀ǹpútà, ó wọ ẹ̀wù òtútù nínú ilé. Adjara sọ fún un pé baba òun àti àbúrò rẹ̀ nìyí. Tonton Djamal gbàgbé ìbínú, ó tẹ ara síwájú, ó sì fi gbogbo agbára ké: "BONJOUR, MADAME! Ẹ KÚ ÒTÚTÙ!"

"Tonton, ó ń gbọ́ yín. Ẹ má fọ́ ọ létí."

"Bẹ́ljíkì jìnnà!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní ìwọ̀n Adjara kì í yẹ̀, pé òun yóò fi ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ kíákíá bí báńkì bá béèrè rẹ̀. Lórí owó tó há, ó ní òfin ni: ẹni tó ṣiṣẹ́ ni owó gbọ́dọ̀ bá, kí olè má baà fi orúkọ ẹlòmíràn gbé owó sá lọ. Adjara túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Baba Issiaka tún un rò, bí ẹni ń jẹ obì. Ó wá nàró.

"Djamal, ṣé o gbọ́? Owó yìí kò gbà láti wọ ọwọ́ rẹ, ìwọ àbúrò mi, nítorí pé ìwọ kọ́ lo ṣiṣẹ́ ẹ̀. Owó gáímàn á ṣe irú ẹ̀? Owó olè ń sá fún ìbéèrè. Èyí ló ń bi wá ní ìbéèrè."

Tonton Djamal wo ilẹ̀, ó wo ọ̀run. "Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa mú un lọ sí báńkì. Wọn ò gbọdọ̀ sọ pé ó sá kúrò lọ́wọ́ mi."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ó wọ agbádá ọdún lọ sí Parakou, ó ń sọ fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dúró, pé ọmọ òun tó ń bá Bẹ́ljíkì ṣiṣẹ́ nìyí. Báńkì béèrè káàdì ìdánimọ̀, wọ́n béèrè ibi tí owó yóò ti máa wá, Adjara sì mú ìwé àdéhùn jáde. Nígbà tí àkáǹtì ṣí, ó fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìsanwó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tú owó náà sílẹ̀.

Ó kù kó dé. Nígbà tí wọ́n ń retí rẹ̀, Baba bi í léèrè iye tí wọ́n máa ṣẹ́ yúrò náà sí ní sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin.

"Iye kan náà ni nígbà gbogbo, Baba. Ọgọ́rùn-ún yúrò jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin sẹ́fà ó lé díẹ̀. Wọ́n ti so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Owó iṣẹ́ tí báńkì ń yọ nìkan ló máa ń dín in kù."

"Láàárọ̀ ńkọ́? Nírọ̀lẹ́ ńkọ́?"

"Ìkan náà."

"Kò sẹ́ni tó ń nájà sí i? Kò sí oníbàárà tó máa rí i kó yínmú?" Baba mi orí. Ọdún mélòó ló ti gbé àpò kajú lọ sí ọjà láìmọ iye tí wọ́n máa sọ pé ó jẹ́ lọ́jọ́ yẹn! Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ń wo odò tó ń ṣàn gòkè.

Abẹ́ igi kajú náà ni wọ́n wà nígbà tí fóònù gbọ̀n. Adjara ka iṣẹ́ tí báńkì fi ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, ó na fóònù sí baba rẹ̀. Baba Issiaka fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tuntun, ó wo orúkọ ọmọ rẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ó sì dá fóònù padà. Ó fọwọ́ tì í léjìká kó padà jókòó ti ẹ̀rọ.

Kò lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ó dúró sí ìdí gegele, ó mú ọ̀pá dání, ó ń lé àwọn ewúrẹ́ tó ń ké, ó sì ń dá gbogbo ẹni tó bá ń pariwo kọjá dúró, títí kan àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ náà.

"Ẹ rọra," ló ń wí fún wọn. "Ẹ rọra, ẹ̀yin èèyàn. Ọmọ mi wà lórí òrùlé."